Abẹ, Ìpara Tàbí Wáàkìsì: Iye Tí Irun Abíyá àti Ti Ẹsẹ̀ Ń Náni Gan-an

Nínú àwọn ilé ìṣaralóge ìlú Èkó àti Ìbàdàn, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn obìnrin, àwọn ọkùnrin mìíràn náà sì ti ń bèèrè rẹ̀ báyìí: èwo ló dára jù láti fi mú irun abíyá àti ti ẹsẹ̀ kúrò? Ẹni tó ń ta abẹ yóò ní abẹ ni. Ẹni tó ń ta ìpara apa-irun yóò ní tòun kì í mú ẹ̀jẹ̀ wá. Oníwáàkìsì, ẹni tó ń fi àtè lílọ́wọ́ọ́wọ́ fa irun tu, yóò ní tòun ló ń pẹ́ jù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ni kò tọ́. Abíyá kì í ṣe ẹsẹ̀, irun tó lọ́ kì í ṣe irun tó nà, owó tí ènìyàn san fún ọlọ́jà kọ́ sì ni gbogbo owó tí ọ̀rọ̀ náà yóò ná an.

Ẹ̀yìn tí irun bá ti lọ tán ni ìnáwó gidi máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti inú ihò rẹ̀ ni irun ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ti ń lọ́ bọ̀. Bí a bá gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, orí rẹ̀ á mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Bó bá sì ti ń hù padà, á tẹ̀, á sì gún awọ ara wọlé. Ara á kà á sí àjèjì, ojú ibẹ̀ á wú, á máa yún ni, á sì di kókó kéékèèké. Bí kókó náà bá rọ tán, àpá dúdú ló ń fi sílẹ̀, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ kí àpá náà tó parẹ́. Nítorí àpá yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ra ìpara abóra, tí abíyá tí wọ́n fẹ́ kó mọ́ á sì tún bàjẹ́ sí i. Àpá yìí ló yẹ kí a fi wọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, kì í ṣe bí ara ṣe ń dán lọ́jọ́ kìíní.

Abẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bú jù, ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn án jù ni pé ó ń mú irun le, ó sì ń mú un pọ̀. Irọ́ ni. Láti ọdún 1928 ni Mildred Trotter, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, tó sì rí i pé fífá kò yí bí irun ṣe nípọn tàbí bó ṣe ń yára hù padà. Ohun tó ń tan ọwọ́ jẹ ni pé abẹ gé irun níbi tó ti nípọn, nítorí náà orí rẹ̀ kò tín-ín-rín mọ́. Ibi tí abẹ ti kù díẹ̀ káàtó gan-an ni pé lábẹ́ awọ ara, irun ṣì wà digbí. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ọwọ́ á ti máa kan ṣóńṣó rẹ̀.

Bí a ṣe ń fá a ló ń pinnu bóyá kókó yóò yọ. Lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti rọ irun fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ni ó yẹ kí a fá a, pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ tó pọ̀. Fífá gbígbẹ ni ìyá gbogbo egbò. Lórí ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ irun dorí kọ ìsàlẹ̀, nítorí náà láti orúnkún sí ọrùn ẹsẹ̀ ni kí abẹ máa bá a lọ. Bí a bá fá a lódìkejì, ara yóò dán sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n irun á sá wọ abẹ́ awọ, ibẹ̀ ni kókó sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Irun abíyá kò ní ojú kan. Òmíràn kọjú sókè, òmíràn sí ìsàlẹ̀, òmíràn sí ẹ̀gbẹ́. Kí a gbé apá sókè ti tó láti tẹ́ awọ ibẹ̀, kí a má tún fi ọwọ́ kejì fà á le, kí a sì má fá ojú kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Alẹ́ ló dára jù, kí lọ́fínńdà abíyá má baà kan ara tútù títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìgbà márùn-ún sí méje, abẹ ti kú, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ kan, ènìyàn kan: àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti kòkòrò éèdì lè gba ojú abẹ kọjá.

Ìpara ní ọgbọ́n tirẹ̀. Èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni táyóglíkọ́létì, tí wọ́n pò mọ́ ohun tó ń ta bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Ó ń já okùn tó so kẹ́rátìnì inú irun pọ̀, irun á rọ̀, á sì ṣeé nù kúrò. Nítorí pé kò fi ṣóńṣó sílẹ̀ bí abẹ, irun tó hù padà kì í sábà gún awọ. Èyí ni àǹfààní ńlá fún ẹni tí kókó ń yọ lára, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ kan kí irun tó tún hàn. Ṣùgbọ́n kẹ́rátìnì kan náà ló wà ní òkè awọ ara wa. Ìpara kò mọ irun yàtọ̀ sí awọ. Aago nìkan ló ń yà wọ́n. Ohun tí ìwé ara páálí rẹ̀ bá sọ, tó sábà máa ń wà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́wàá, ni òpin. Kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán ojú kékeré kan wò, kí a dúró fún wákàtí 24. Bó bá ń jóni, kí a fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kí a má sọ pé ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ẹsẹ̀ ń gbà á ju abíyá lọ, nítorí awọ abíyá tín-ín-rín, ó ká, ó sì ń làágùn. Ẹni tó fá abíyá lánàá kò gbọdọ̀ fi ìpara kàn án lónìí.

Wáàkìsì ń fa irun tu tìdí-tìdí, nítorí náà ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà kí òmíràn tó hù. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é lè bínú pé irun kan ti jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, irun tó ṣì wà lábẹ́ awọ lọ́jọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Irun gbọ́dọ̀ gùn tó ẹyọ ìrẹsì kan kí àtè tó lè dì í mú, èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń lo wáàkìsì ní láti fara da irun fún ọjọ́ púpọ̀ láàárín ìgbà méjì. Bí wọ́n ṣe ń fi í kun ara ni pé kó bá irun lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣí i ni pé kó lòdì sí irun, ní ìtẹ́jú awọ, kì í ṣe sókè. Bí wọ́n bá fà á sókè, irun á já sínú, a ó sì tún padà sórí ọ̀rọ̀ kókó.

Àmọ́ ewu tó burú jù kò sí lọ́wọ́ oníwáàkìsì nìkan. Awọ ara ẹni tó ń lo ìpara abóra, pàápàá èyí tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú, ti fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá fi àtè fà á, awọ lè bá irun lọ, kí ẹran pupa ṣẹ́ kù. Bákan náà ni fún ẹni tó ń fi ìpara onírẹ́tínọ́lì pa irorẹ́. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: oníṣẹ́ tí kò bá bèèrè ohun tí oníbàárà ń fi para kò yẹ lẹ́ni tí a ń na ẹsẹ̀ sí, oníbàárà tó bá sì fi í pamọ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ọ̀rọ̀ wá kan owó. Ká mú obìnrin òṣìṣẹ́ kan tó ń fá abíyá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó sì ń fá ẹsẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà 156 ni lọ́dún. Bí abẹ kan bá ṣe é ní ìgbà mẹ́fà, abẹ 26 ni yóò lò. Bó bá jẹ́ ìpara ló ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ibi méjèèjì, tí páálí kan sì tó o ní ẹ̀ẹ̀mejì, páálí 26 ni. Bó bá jẹ́ wáàkìsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ìgbà 13 ni. Kí kálukú fi iye ọjà àdúgbò rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Bí a bá fi abẹ sí 500 náírà, ìpara sí 4,000, tí wáàkìsì ibi méjèèjì sì jẹ́ 15,000, a ó rí 13,000 fún abẹ, 104,000 fún ìpara, àti 195,000 fún wáàkìsì. Ṣùgbọ́n bí fífá bá ń yọ kókó sí obìnrin yìí lára, tó wá ń ra ìpara 8,000 lóṣooṣù nítorí àpá dúdú, 96,000 ti gorí 13,000. Abẹ olówó pọ́ọ́kú ti di 109,000, ó ti kọjá ìpara, abíyá kò sì tíì mọ́.

Nítorí náà, kò sí ọba láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí kókó kì í yọ lára kò ní ìdí láti kúrò lórí abẹ, ìbáà jẹ́ abíyá, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí kókó ń yọ sí lẹ́sẹ̀ lè gbìyànjú ìpara. Ẹni tí kókó ń yọ sí lábíyá lè fi sísọ́ọ̀sì tàbí ẹ̀rọ ìgẹrun gé irun náà kúrú láìfá a mọ́lẹ̀, nítorí irun tó kù díẹ̀ lókè awọ kò lè sá wọlé. Wáàkìsì wà fún ẹsẹ̀ ẹni tó lówó rẹ̀, tí kò sì bóra. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ mú irun ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò rárá kò dẹ́ṣẹ̀. Irun ẹsẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mọ tirẹ̀ kò le. Kó fi ọ̀nà kan tọ́jú abíyá ọ̀tún, kó fi òmíràn tọ́jú ti òsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó sì máa ka kókó. Bí kókó bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó dáwọ́ gbogbo rẹ̀ dúró fún bí oṣù kan ná, kó máa fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, kó má fi abẹ́rẹ́ wá irun kiri. Bí ibẹ̀ bá ń ṣọyún, tàbí tí eéwo ń padà wá sí abíyá léraléra, ọ̀rọ̀ ti kọjá irun. Dókítà ló kàn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, awọ ara sì wà lára ohun tí ọ̀rọ̀ àgbà yìí bá wí.