Ìtọ́ni ní Yorùbá, Ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí a lọ ran olùkọ́ kan lọ́wọ́ ní Fìdítì, a bá ìwé ìdánrawò elédè méjì pàdé. Lókè, wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara pé: "Ṣe àwọn ìṣirò wọ̀nyí. Kọ ìdáhùn rẹ sínú àpótí." Nísàlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè kẹta. Ó ní Bọ́lá ní ọsàn 12, ọsàn rẹ̀ sì fi 4 ju ti Adé lọ. Mélòó ni Adé ní? 8 ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n 16 ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ. Olùkọ́ wọn ní wọn ò mọ àyọkúrò. Ọmọ Fìdítì, tí wọ́n ń ta ọsàn lẹ́bàá títì níṣojú wọn!

A ka ìbéèrè náà sí wọn létí ní Yorùbá. Kíá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dáhùn pé mẹ́jọ. Àwọn méjì péré ló ṣì ń pe mẹ́rìndínlógún. Àwọn yẹn ni ìṣirò ń dà láàmú ní tòótọ́. Èdè ló dí àwọn yòókù lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "mọ́ọ̀", ló fa wàhálà. Ó lè jẹ́ "sí i", ó sì lè jẹ́ "jù lọ". Àwọn ọmọ ti kọ́ ọ pé bí wọ́n bá ti rí i, kí wọ́n ròó pọ̀. Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀: "mẹ́rin sí i" yàtọ̀ sí "fi mẹ́rin jù ú lọ".

Ìtọ́ni ni apá tó rọrùn jù nínú ìwé náà. Ọmọ tó bá rí àpótí lófìfo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe. Ibi tí ọmọ ò ti nílò ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n gbé Yorùbá sí. Ìtọ́ni náà kò tilẹ̀ sọ èdè tí ìdáhùn yóò jẹ́: ọmọ kan kọ "mẹ́jọ" sínú àpótí, wọ́n fa igi lé e.

Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìtọ́ni rẹ̀ nìkan. Wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan.

A ò ní kí wọ́n yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò, nítorí òun ni wọn yóò bá pàdé nínú ìdánwò. Kí wọ́n kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní èdè méjèèjì, kí ọ̀kan wà lábẹ́ èkejì, kí wọ́n sì gba "mẹ́jọ" wọlé. Bí ọmọ bá sì tún ṣì í, a ó mọ̀ pé ìṣirò ló kù tí a ó kọ́ ọ.