Ọkọ̀ Ni Ìyá Wí, Olùkọ́ Kọ Ọkọ

Olùkọ́ kan tí ń gbé Igbókòdá bẹ̀ mí wò lọ́jọ́sí. Ìwé mélòó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì dán rárá. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, nítorí púpọ̀ nínú yín, olùkọ́ àti oníṣòwò, ló ti ń gba ohùn àwọn àgbà sínú fóònù, tí ẹ sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ọ́ jáde fún yín. Ó gbà, bí n kò bá sáà ti dárúkọ òun.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó létí òkun Ìlàjẹ ní 1947, tí òkun sì ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Ìtàn àwọn ilé tí omi gbé ló fẹ́ kọ. Ó jókòó ti ìyá arúgbó kan, ó tan fóònù, ìyá sì sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó padà délé, ó gbé ohùn náà fún ẹ̀rọ tí à ń pè ní Whisper, èyí tó jáde ní 2022, tí í máa sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di ìwé. Ẹ̀rọ náà gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ìwé ni. Níbi tí àwa ti ń pe "owó" tí Ìlàjẹ ń pe "eghó", ńṣe ló ń méfò. Kò fi àmì ohùn sí i, kò sì sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Níbi tí ìyá ti dákẹ́, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan ń pariwo kọjá, ẹ̀rọ kọ "e seun pupo". Kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni!

Ẹ wo bí apá kan ṣe jáde:

"eee nigba yen okun jinna si wa ile meta rara ile merin lo wa laarin wa ati omi o n bo o n bo o n bo loru ojo kan oko mi ba omi lo awon mefa lo wa ninu re mo sunkun titi an wa an won ile an lo"

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kó dùn ún kà. Kò tún gbọ́ ohùn náà mọ́, ojú ló fi ṣe iṣẹ́ etí. Èyí ló kọ:

"Nígbà yẹn, òkun jìnnà sí wa. Ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà láàárín wa àti omi. Ó ń bọ̀. Lóru ọjọ́ kan, ọkọ mi bá omi lọ. Mo sunkún títí. Ìjọba wá, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n sì lọ."

Ó gbé e padà lọ Ayétòrò láti kà á fún ìyá. Ìyẹn dára, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe é. Bó ti ka ibi tí ọkọ bá omi lọ, bàbá àgbàlagbà kan tó fara ti òpó ilé sọ pé, "Olùkọ́, ọjọ́ wo ni mo bá omi lọ?"

Ọkọ̀ ni ìyá wí, ọkọ̀ tí í fi í pẹja. Bí ọ̀rẹ́ mi bá gbé fóònù sétí ni, ì bá gbọ́ bí ohùn ìyá ṣe wálẹ̀ lórí "kọ". Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rí wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: "awon mefa lo wa ninu re". Ó kà á sí "àwọn mẹ́fà". Nígbà tí kò rí bí ènìyàn mẹ́fà ṣe lè wà nínú ọkọ ìyá, ó ní ẹ̀rọ ló ń ṣìwèrè, ó sì fa ìlà sí i lójú. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀n ni, àwọ̀n ìpẹja mẹ́fà tó bá ọkọ̀ lọ. Gbólóhùn tí kò bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu kì í ṣe ohun tí à ń yára pa rẹ́. Ó lè jẹ́ pé èyí tó ṣáájú rẹ̀ la ṣì gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti dá ohùn náà padà sẹ́yìn, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ ilé ńkọ́? Ìyá ní mẹ́ta, ó ní rárá, ó ní mẹ́rin. Ó ti tún ara rẹ̀ ṣe, mẹ́rin lọ̀rọ̀ rẹ̀. A lè yọ "mẹ́ta, rárá" kúrò bí a ti yọ "ẹ̀ẹ̀ẹ̀", òtítọ́ kò ní dínkù. Ṣùgbọ́n "mẹ́ta tàbí mẹ́rin" tí olùkọ́ kọ fi iyèméjì sẹ́nu ẹni tí kò ṣiyèméjì. Ká ní òun fúnra rẹ̀ ló sọ "tàbí", a kò gbọdọ̀ yan ọ̀kan fún un. "Ó ń bọ̀" tó pè lẹ́ẹ̀mẹta ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe akólòlò. Bí Yorùbá ṣe ń fi hàn pé nǹkan kò dáwọ́ dúró nìyẹn, ẹni tó bá sì sọ ọ́ di ẹyọ kan ti dá òkun dúró fún ìyá.

Èyí tó le jù ló kù. Lẹ́nu àwọn ará apá ibẹ̀, "án wá" lè jẹ́ "wọ́n wá", ó sì lè jẹ́ "ẹ wá". Ọ̀kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì. Etí kò lè yà wọ́n, àmì ohùn kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀, tó rí ibi tí ìyá ń wò, ló lè mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ kọ "ìjọba", ọ̀rọ̀ tí ìyá kò fẹnu kàn rárá. Mo ní kó padà lọ béèrè. Bí kò bá ṣeé béèrè, kó fi "án" sílẹ̀ bó ti wà, kó sì kọ ìtumọ̀ méjèèjì sáàárín àmì [ ], kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ akọ̀wé nìyẹn, kì í ṣe ti ìyá.

A jókòó pọ̀, a fi ẹ̀dà ti ẹ̀rọ pamọ́ láìfọwọ́ kàn án, a ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà kejì. Ogójì ìṣẹ́jú yẹn gba ọ̀sán kan gbáko lọ́wọ́ wa. A kò sún gbólóhùn kankan kúrò ní ipò rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá bá ti yà la ti ń dá ìpínrọ̀ tuntun. Apá yẹn wá di báyìí:

"Nígbà yẹn, òkun jìnnà sí wa. Ilé mẹ́rin ló wà láàárín wa àti omi. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀.

"Lóru ọjọ́ kan, ọkọ̀ mi bá omi lọ. Àwọ̀n mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Mo sunkún títí.

"Án [ẹ tàbí wọ́n] wá, án wọn ilẹ̀, án lọ."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ padà lọ béèrè. Ìyá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe òun, òun tó kó ọmọ ilé ìwé wá lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n na okùn láti ẹnu ọ̀nà òun dé etí omi, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, tí òun kò sì gbúròó wọn mọ́.

Olùkọ́ wá bi mí bóyá a lè yọ gbólóhùn yẹn kúrò, nítorí kò ṣe pàtàkì púpọ̀ sí ìtàn náà. Mo ní rárá o. Ó pa àmì náà rẹ́, ó sì kọ [ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ilé ìwé] dípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jẹ́wọ́ fún mi pé ìwé ìwọ̀n yẹn ṣì wà nínú àpótí òun nílé.