Àbúrò ṣàlàyé títí, ẹ̀gbọ́n ò mọ ohun tó ń bèèrè

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ìlú Ọ̀sì, níjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ló ń gbé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì wà l'Ékòó. Bàbá wọn ti kú, ó fi ilẹ̀ oko sílẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ti fẹnu kò pé lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, làwọn máa pín in. Wọ́n ní ẹni tí ò bá wá, àwọn ò ní í dúró dè é. Ìyẹn ni pé bí ẹ̀gbọ́n ò bá dé, ibi tó bá wu àwọn tó wà níkàlẹ̀ ni wọ́n máa fún un, bí wọ́n bá tiẹ̀ fún un rárá. Ohun kan ṣoṣo ni àbúrò fẹ́: kí ẹ̀gbọ́n òun wá sílé. Lálẹ́ Mọ́ńdè, ó mú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Ohun tó kọ rèé:

“Ẹ káalẹ́ sà, Bọ̀dá mi. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ má bínú pé mi ò pè yín látọjọ́ yìí, fóònù mi ló bàjẹ́, ẹni tó tún un ṣe sì gbowó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Bàbá náà ni o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Bàbá Àgbà ò fẹ́ràn wa látìgbà tí Màámi ti wà láyé, ẹ rántí ohun tí wọ́n ṣe nígbà ìsìnkú. Wọ́n tún ti ń sọ pé ẹ ò náání ilé, pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ ti wá gbẹ̀yìn. Mo ní iṣẹ́ ló ń dí yín lọ́wọ́, wọ́n ní irọ́ ni. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ ti wọ́n, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé, bó bá ṣeé ṣe ká rí yín, á dáa, àmọ́ bí ò bá ṣeé ṣe náà, Ọlọ́run á ṣe é. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.”

Inú ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n wà nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé. Kò pẹ́ tó fi fèsì, ó ní: “Ta ló ní mi ò náání ilé? Ṣé Bàbá Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀? Fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi kíá.” Ó ti parí nìyẹn. Kò dárúkọ Sátidé, kò béèrè aago tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀, ìjà ló ń wá.

Ṣé èèyàn burúkú ni ẹ̀gbọ́n ni? Rárá o. Ohun tó ta á lára jù nínú ọ̀rọ̀ náà ló dáhùn. Bọ́rọ̀ èèyàn ṣe máa ń rí nìyẹn: kálukú àlàyé tẹ́ ẹ bá kó sínú iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán ló ń pe ẹni tẹ́ ẹ rán an sí pé kó wá fèsì sí òun. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbóná ju ohun tẹ́ ẹ ń bèèrè lọ, ọ̀kan yẹn lonítọ̀hún máa gbá mú. Bí wọ́n bá sì ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tó lè gbà sá fún ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́ ṣe máa pọ̀ tó.

Ẹ padà wo àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, ẹ máa rí i pé ibi mẹ́ta ni àbúrò ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù tó bàjẹ́. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, ìlà bíi méjì péré ló sábà máa ń hàn lójú fóònù kí èèyàn tó ṣí i. Ìkíni àti ẹjọ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló gba gbogbo ààyè yẹn. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dí lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìkíni lásán ni, òun á kà á tóun bá délé.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà. Òótọ́ lè ni, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ò nílò rẹ̀ kó tó lè wọkọ̀ wálé. Ìkẹta ló burú jù, òun ni “bó bá ṣeé ṣe” àti “bí ò bá ṣeé ṣe náà.” Àbúrò ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá àwáwí, ó ti lóun mọ̀ pé owó ọkọ̀ wọ́n, ó sì ti lóun ti gbà bí kò bá wá. Kí ló tún kù kí ẹ̀gbọ́n sọ? Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn á rò pé ìpàdé tí kò le ni. Kò síbi tí àbúrò ti sọ pé wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀.

Àwọn kan máa sọ pé àwa Yorùbá kì í bẹ́ lu ọ̀rọ̀, pé ẹni tí ò bá rọra wọlé ò lẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ìkíni yàtọ̀ sí àwíjàre. “Ẹ káalẹ́ sà, Bọ̀dá mi” ti tó láti fi hàn pé àbúrò mọ ipò ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Àwọn baba wa náà ló sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Wọn ò rí kíké ọ̀rọ̀ kúrú bí ìwà àfojúdi.

Ẹ tiẹ̀ wo àrokò. Kí ìwé tó dé, bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn pé ọkàn òun fà sí i, owó ẹyọ mẹ́fà ló máa fi ránṣẹ́, torí ẹ̀fà àti fífà jọ ń dún bákan náà. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì jọ wà ní ìṣọ̀kan. Alùfáà C. A. Gollmer, tó ṣiṣẹ́ ìhìnrere nílẹ̀ wa, ti ṣàlàyé irú àwọn nǹkan báyìí fáwọn òyìnbó nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1885. Ẹni tó di àrokò ò lè kó ẹjọ́ ọdún mẹ́wàá sínú rẹ̀. Ó ní láti kọ́kọ́ mọ ohun kan tó fẹ́ sọ, kó tó mú okùn.

Báyìí náà ló yẹ kí àbúrò ṣe. Kó tó mú fóònù, kó kọ gbólóhùn kan síbì kan: “Kí ni mo fẹ́ kí Bọ̀dá ṣe?” Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tí èèyàn lè dìde ṣe. “Kí wọ́n mọ̀ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Bàbá” ò tíì tó. “Kí wọ́n wá sí Ọ̀sì lọ́jọ́ Sátidé” ló tó. Lẹ́yìn náà, kó mú gbólóhùn tó ti kọ níkọ̀ọ̀kan, kó bi ara rẹ̀ pé: bí mo bá yọ eléyìí, ṣé wọ́n ṣì máa mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, àti ìdí tí ò fi gbọ́dọ̀ yẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó yọ ọ́. Bó bá ṣe báyìí débi tó parí sí, ohun tó máa ṣẹ́kù nìyí:

“Ẹ káalẹ́ sà, Bọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sílé lọ́jọ́ Sátidé yìí. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ Bàbá nílé wa l'Ọ́sì, wọ́n ní àwọn ò ní í dúró de ẹni tí ò bá wá. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ lálẹ́ ọ̀la bóyá ẹ ń bọ̀.”

Ìdí kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, òun ló sì lágbára jù. Bí èèyàn bá kó ìdí márùn-ún jọ, èyí tó rọ jù nínú wọn lẹni tí ò fẹ́ ṣe nǹkan máa fi gbéjà. Ẹ sì wo ìparí rẹ̀: àbúrò sọ ìgbà tó fẹ́ gbọ́ èsì. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ṣú tí ò gbọ́ nǹkan kan, ó ti mọ̀ pé kóun pè, ọjọ́ ṣì wà nílẹ̀ kí Sátidé tó dé.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ò ṣòfò. Ti Bàbá Àgbà, kó dúró dìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá dé, kí wọ́n jókòó sọ ọ́. Bó bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mú ìwé ilẹ̀ dání, kó jẹ́ kó kọ́kọ́ fèsì pé òun ń bọ̀, kó tó fi ìyẹn ránṣẹ́. Bó bá kó méjèèjì pọ̀, ẹ̀gbọ́n lè fi ìwé rán awakọ̀, kó sì rò pé òun ti ṣe ohun tí wọ́n ní kóun ṣe.

Àmọ́ ṣá o, ọ̀rọ̀ kíké kúrú náà níbi tó mọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹlẹ́yọ kan kì í gbà ju lẹ́tà 160 lọ, bí wọ́n bá sì fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ tàbí ṣ, 70 péré ló máa gbà, èyí tó bá lé máa di ojú ewé kejì, wọ́n á sì gbowó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yọ àmì. Bí àbúrò bá wá yọ tirẹ̀, “ile Baba” ló máa kọ, ẹ̀gbọ́n ò sì ní í mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pín ni àbí ilé. Bó bá ní kóun là á, tó kọ “ile oko”, ẹlòmíì lè kà á sí ilé ọkọ! Kó yọ àwíjàre, kó fi àmì sílẹ̀. Bákan náà, bó bá jẹ́ ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí ló ń kọ̀wé sí, ó gbọ́dọ̀ fi gbólóhùn kan sọ ẹni tóun jẹ́, torí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ò lè di odindi nínú ẹni tí ò mọ àbọ̀ tó kù.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rán ti yé, ẹ kà á sétí ẹni tó wà nítòsí lẹ́ẹ̀kan péré, bó ṣe ọmọ ilé ìwé ni. Kẹ́ ẹ wá bi í pé: “Kí ni wọ́n ní kó ṣe?” Bó bá dáhùn pé, “Wọ́n ní kó wá sílé lọ́jọ́ Sátidé,” ẹ fi ránṣẹ́. Bó bá dáhùn pé, “Wọ́n ní Bàbá Àgbà bú u,” ẹ mú un padà, ó ṣì kù tẹ́ ẹ máa yọ.