Ojú Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n: Bí A Ti Ń Ra Ìjókòó Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀



Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan ránṣẹ́ pè mí ní Ọdẹ́dá. Ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ti sán, nígbàkígbà tí ìyá wa arúgbó bá sì jókòó, ojú sísán náà a máa há a ní itan. Ẹ̀gbọ́n ti lọ sí Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ra ìjókòó méjì. Bóòtù ti èkíní kò wọ ihò àwo. Èkejì wọ ihò, ṣùgbọ́n ó kúrú, ètè àwo yọ síta níwájú.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Ó ní, "Ojú ni."

Ẹ má wọn ìjókòó tí ó ti sán, nítorí ó lè ti yà. Àwo ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ tú ìjókòó kúrò, ẹ ó rí ihò méjì lẹ́yìn àwo. Ẹ wọ̀n láti etí òsì ihò kan dé etí òsì èkejì. Bákan náà ni pẹ̀lú àárín ihò kan sí àárín èkejì. Ẹ gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín ihò méjèèjì, kí ẹ wọ̀n láti ibẹ̀ dé ètè àwo níwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ibi tí àwo gbé fẹ̀ jù.

Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15½ láàrin ihò, 43 ní gígùn, 36 ní fífẹ̀. Bóòtù ìjókòó èkíní jìnnà síra ní 14, kò sì ṣeé sún. Èkejì gùn ní 40 péré.

Nítorí pé àwo kan rí roboto, òmíràn gùn bí ẹyin, ẹ fi ìwé ìròyìn bo àwo, ẹ fi pẹ́ńsù fa etí rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sọ́jà.

Kí ni ó fọ́ ti ẹ̀gbọ́n? Oríṣi tí ó le bí àwo oúnjẹ ni. Ó rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ a máa jù ú lulẹ̀ gbàà. Rọ́bà fẹ́lẹ́ kì í tètè sán, ṣùgbọ́n a máa tẹ̀. Ti pákó a máa wú bí ọ̀dà rẹ̀ bá bó tí omi wọlé.

Mo ní kí ó ra èyí tí ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ ń rọra sọ̀kalẹ̀. Gírísì tí ó ki wà nínú ìdè náà, òun ni kì í jẹ́ kí ó já lulẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ tì í wálẹ̀ o, bíbàjẹ́ ni yóò bàjẹ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí já lulẹ̀ gbàà, ìdè náà ti kú nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ẹ fi rọ́bà sí àárín nọ́ọ̀tì àti àwo. Ẹ fi ọwọ́ dè é dé ibi tí ó bá dúró, kí ẹ fi sípánà yí i díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fi agbára dè é, àwo gan-an ni yóò sán, owó rẹ̀ sì ju ti ìjókòó lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìjókòó pẹ̀lú: bí ẹsẹ̀ rọ́bà kan bá ti jábọ́, yóò máa mì, yóò sì tún sán.

Ìjókòó ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá àwo mu rẹ́gí. Ìyá kò pariwo mọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.