Omi Kì Í Ṣe Oògùn Òkúta Tí Kò Bára Mu

Ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́, ẹni tó ń kọ́lé a máa bèèrè iye tí wọ́n ń ta àpò sìmẹ́ńtì. Ìwọ̀nba ni àwọn tó ń bèèrè irú òkúta tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òkúta ló pọ̀ jù nínú bẹ́tọ́nù.

Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń mọ òkúta fífọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní 5/15, wóró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 5 dé 15. Èyí tí wọ́n ń pè ní 15/25 tóbi jù ú lọ. Bí wọ́n bá fi 15/25 nìkan kún garawa, àyè púpọ̀ yóò ṣófo láàárín òkúta. Bí wọ́n bá po méjèèjì, kékeré yóò wọ àárín ńlá, iyanrìn yóò sì wọ àyè tó kù.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50. Mọlémọlé fi iyanrìn gbígbẹ kẹ̀kẹ́ kan àti òkúta kẹ̀kẹ́ méjì sí i. Omi bíi líítà 25 tó fún un. Ṣùgbọ́n 15/25 nìkan ni gbogbo òkúta náà. Ṣọ́bìrì ń ha, bẹ́tọ́nù kò fẹ́ rìn. Ọmọ iṣẹ́ bá da omi líítà 10 kún un, iṣẹ́ sì rọrùn lójú ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Omi tó lé yóò gbẹ, yóò sì fi ihò tíntìntín sílẹ̀. Agbára bẹ́tọ́nù náà lè dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tí yóò rí i lọ́jọ́ náà. Omi náà tún lè mú kí òkúta rì sísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tú pátákó, òkúta yóò hàn ní ìhòòhò, pẹ̀lú ihò bí afárá oyin. Ibẹ̀ ni omi òjò yóò gbà dé ara irin, irin yóò sì dípẹtà.

Ì bá sàn kí kẹ̀kẹ́ kan jẹ́ 5/15, kí èkejì jẹ́ 15/25. Bẹ́tọ́nù náà ì bá rìn dáadáa láìsí omi àfikún. Níbi òpó tí irin rẹ̀ sún mọ́ra, 5/15 nìkan ló yẹ, nítorí òkúta ńlá a máa há sáàárín irin. Ṣùgbọ́n òkúta kékeré nìkan ń fẹ́ omi àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i, nítorí náà kò yẹ fún gbogbo iṣẹ́. Èyí tí eruku bò, kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, torí eruku kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì di òkúta mú.

Mọlémọlé tó bá kọ garawa omi kejì kì í ṣe olóríkunkun. Ilé onílé ló ń dáàbò bò.