Feitiço Kì Í Ṣe Fétiche

Ọmọ Àjà-Wẹ̀rẹ̀ tí ó bá ti dé Àjàṣẹ́ rí mọ ọ̀rọ̀ Pọtogí méjì, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun mọ̀ wọ́n. "Porto" ni èbúté, "novo" ni tuntun. Láti inú méjèèjì ni orúkọ Porto-Novo ti jáde, tí a ń kà lára pátákó ojú ọ̀nà títí di òní. Èdè Pọtogí kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa. Kò sì yà wá lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń fẹ́ kọ́ ọ, àwọn mìíràn nítorí àwọn ìdílé Àgùdà tí wọ́n bá tan, àwọn mìíràn nítorí pé wọ́n ń wá àyè sí yunifásítì ní Bràsíl. Ohun tí a fẹ́ bá àwọn olùkọ́ wọn jà lé lórí ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà túmọ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàrin wa sọ fún olùkọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní pé òun kò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Èdè Nàgó ni ó gbọ́ nílé, Faransé ni ó fi kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣàlàyé púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ Pọtogí. Ẹni tí ó ń ti Àjà-Wẹ̀rẹ̀ lọ sí Pọ́bẹ̀, a kì í ní kí ó kọ́kọ́ gba Kétu.

Lọ́jọ́ kan ó bá "feitiço" pàdé nínú ìwé, ó sì béèrè ohun tí ó jẹ́. Olùkọ́ náà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, kò sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní: "Fétiche ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni." Ọkàn gbogbo kíláàsì balẹ̀, wọ́n ṣí ojú ewé kejì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kọ àròkọ nípa abúlé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ báyìí: "Na entrada da minha aldeia há um feitiço. O meu avô cuida dele." Ojúbọ Èṣù tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà abúlé, tí bàbá àgbà rẹ̀ ń tọ́jú, ni ó fẹ́ sọ. Ẹnìkan tí ó gbọ́ Pọtogí dáadáa ka àròkọ náà, ó sì bi í ní ìbéèrè méjì: "Quem fez? Contra quem?" Ta ni ó ṣe é? Ta ni ó ṣe é sí? Ọmọ náà kò lóye ìdí ìbéèrè náà. Kò mọ̀ pé òun ti pe bàbá àgbà òun ní ẹni tí ń fi àsàsí ba ayé ẹlòmíràn jẹ́.

Níbo ni àṣìṣe yìí ti wá? Ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn tan lóòótọ́. "Facticius" ti èdè Látìn, tí ó túmọ̀ sí ohun tí a fi ọwọ́ ṣe, ni ó bí "feitiço". Nígbà tí àwọn atukọ̀ Pọtogí dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ oṣó nílé wọn ni wọ́n fi pe ońdè, ìfúnpá àti ohun ìbọ tí wọ́n rí níhìn-ín. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù yòókù gbà á lẹ́nu wọn, ó sì di "fétiche" lẹ́nu àwọn Faransé. Ní ọdún 1760 Charles de Brosses tẹ ìwé rẹ̀, Du culte des dieux fétiches, jáde, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe orúkọ fún ẹ̀sìn odidi àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Pọtogí tún yá a padà lọ́wọ́ Faransé, tí wọ́n ń pè é ní "fetiche".

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Pọtogí òní ní ọ̀rọ̀ méjì, "feitiço" àti "fetiche". Olùkọ́ tí ó ní "fétiche" ni "feitiço" ti da ohun méjì pọ̀ tí èdè náà fúnra rẹ̀ ti yà sọ́tọ̀. A gbà pé àwọn ìwé atúmọ̀-èdè kan ṣì ka ohun ìbọ mọ́ ìtumọ̀ "feitiço". Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ọmọ Bràsíl yóò kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí ẹnìkan ṣe sí ẹlòmíràn ni yóò gbọ́.

Kí ni ó yẹ kí olùkọ́ náà ṣe? Kí ó fi Pọtogí túmọ̀ Pọtogí, ṣùgbọ́n kí ó mọ bí a ti ń ṣe é. Kì í ṣe pé kí ó kàn na ìwé atúmọ̀-èdè Pọtogí sí ọmọ kí ó sì máa lọ. Ọmọ yóò wo "feitiço", wọn yóò ní "bruxaria" ni. Yóò wo "bruxaria", wọn yóò ní "feitiçaria" ni. Yóò wá máa yí po bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Òfin tí a gbọ́dọ̀ pa mọ́ ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú àlàyé ní láti jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní lọ́wọ́ ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ tí ó ní lọ́wọ́ ni "fazer", ìyẹn láti ṣe, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a kọ́kọ́ ń kọ́. "Feito" ni ohun tí a ti ṣe: "O pão é feito de farinha", ìyẹ̀fun ni a fi ṣe búrẹ́dì. Kí olùkọ́ kọ "feito" sára pátákó, kí ó kọ "feitiço" sí abẹ́ rẹ̀, kí ó sì fa ìlà sí abẹ́ "feit" nínú méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ohun tí ẹnìkan ṣe ni a ń sọ. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn ìtumọ̀ yóò wá: "Feitiço é uma coisa que uma pessoa faz, em segredo, para mudar a vida ou a vontade de outra pessoa." Ẹ̀yin òǹkàwé nìkan ni a ń sọ ọ́ fún ní Yorùbá: ohun tí ènìyàn ṣe ní ìkọ̀kọ̀ láti yí ayé tàbí ìfẹ́-inú ẹlòmíràn padà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó lè ṣòro níbẹ̀. Fún "segredo", kí olùkọ́ fi ìka lé ètè rẹ̀. Fún "vontade", kí ó rán ọmọ létí "tenho vontade de comer", tí ó ti ń sọ nígbà tí ebi bá ń pa á.

Ìtumọ̀ nìkan kò tó; ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ rìn kí a tó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta ni àwa máa ń lò. "Ela não come, não dorme, só pensa nele: parece feitiço." Obìnrin kan kò jẹun, kò sùn, ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ń rò, ó jọ ohun tí a ṣe sí i. "Ele diz que perdeu tudo por causa de um feitiço." Ọkùnrin kan sọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ nù, ó sì ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan ni. Ẹ̀kẹta yàtọ̀: "Os olhos dela têm feitiço." Ẹnikẹ́ni kò ja ewé níhìn-ín, ẹwà ojú ọmọbìnrin náà ni ó ń fa ènìyàn. Lẹ́yìn èyí kí olùkọ́ fi ààlà sí i: "Remédio cura a pessoa, feitiço prende a pessoa." Oògùn ìwòsàn ń wo ènìyàn sàn, feitiço ń dè é. Kí ó sì fi èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún ọmọ ilẹ̀ wa kún un: "O orixá não é feitiço."

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti yé e? Kí a má bi í pé "Ṣé ó yé ọ?", nítorí bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo ọmọ máa ń dáhùn. Kí a fún un ní òwe Pọtogí yìí: "O feitiço virou contra o feiticeiro", kí a sì ní kí ó fi Pọtogí sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá ní "fétiche" lọ́kàn yóò ní ère kan yí ojú padà. Ẹni tí ó ti yé yóò sọ ohun tí ó jọ èyí: "Ele quis fazer mal a outra pessoa, mas o mal voltou para ele." Yóò sì rẹ́rìn-ín, nítorí yóò ti rántí pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní: "Gbogbo wàhálà yìí ti pọ̀ jù, ẹ sọ 'àsàsí' fún un, kí ó tán." Èsì wa ni pé bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ "mandioca", kí olùkọ́ gbé gbágùúdá sókè, kí ó dákẹ́, kò sí ìdí fún àlàyé kankan. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé feitiço sókè. "Àsàsí" sún mọ́ ọn ju "fétiche" lọ, a gbà. Síbẹ̀ ibi ni àsàsí nígbà gbogbo, kò sì sí ẹni tí yóò yin ojú ọmọbìnrin pé ó ní àsàsí. Ìdí kejì tún wà. Ìdánwò Celpe-Bras, tí Bràsíl fi ń wọn Pọtogí àwọn àjèjì, Pọtogí nìkan ni a fi ń ṣe é. Nínú apá tí a ń fi ẹnu ṣe, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bá olùdánwò sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sá mọ́ ọn lẹ́nu níbẹ̀, Pọtogí ni yóò fi yí i ká. Ọmọ tí a fún ní "àsàsí" ní ìtumọ̀ kan. Ọmọ tí a fún ní àlàyé ní ìtumọ̀ náà, ó sì ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣàlàyé.

Ó ku ojúbọ bàbá àgbà. A fi ọ̀nà kan náà wá orúkọ rẹ̀. "Assentar" ni kí a fi nǹkan jókòó sí ibi tí kò ti ní mì: "pôr num lugar firme". Láti inú rẹ̀ ni "assentamento" ti wá, tí àwọn olórìṣà Bràsíl ń pe ibi tí wọ́n fi òrìṣà jókòó sí: "o lugar onde o orixá está assentado". Ọmọ náà kò gbọdọ̀ gbàgbé orúkọ òrìṣà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí "assentamento" lásán lè jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba Bràsíl fi àwọn àgbẹ̀ tí kò nílẹ̀ sí. Ó tún àròkọ rẹ̀ kọ: "Na entrada da minha aldeia há um assentamento de Exu. O meu avô cuida dele." Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ta ni wọ́n ṣe é sí.

Àwa kò bá Faransé jà. Òun ni a fi ń kọ ìdajì ìwé yìí. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí olùkọ́ gbọ́ "mi ò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì" kí ó sì rò pé èdè mìíràn ni kí òun fi rọ́pò rẹ̀. Pọtogí ni ọmọ náà béèrè. Ẹ fún un ní Pọtogí, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu ọmọ wa ni àwọn ènìyàn òkèèrè yóò ti gbọ́ pé oṣó ni àwọn bàbá wa.