Aṣọ Ni Kí Ẹ Pààrọ̀, Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ojú

Aṣọ ẹbí kì í sábà kárí. Owó ẹlòmíràn kò tó, ti ẹlòmíràn ṣì wà lọ́wọ́ télọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ayafọ́tò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí àwọn akẹgbẹ́ wa fi ń ní kí kọ̀ǹpútà bá wọn wọ aṣọ kan náà fún gbogbo ẹni tó wà nínú fọ́tò. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a ju odidi fọ́tò sínú ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má yí ojú ẹnikẹ́ni padà, kí a sì gbà pé ó ti gbọ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ kí ojú wà bó ṣe wà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà láti inú fọ́tò àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo fọ́tò ẹlẹ́ni mẹ́fà kan tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí. Màmá àgbà kan tó kọ pélé ló jókòó láàárín. Fífẹ̀ fọ́tò náà jẹ́ píkísẹ́lì 4000, ojú màmá gba nǹkan bíi 300 nínú rẹ̀, ilà kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó 8. Bí a bá kọ́kọ́ sún fọ́tò náà kì sí 1024 kí ẹ̀rọ lè gbà á, ojú màmá yóò ku bíi 77, ilà yóò ku 2. Ẹ̀rọ bíi Stable Diffusion yóò tún pa gbogbo píkísẹ́lì 8 lóròó àti 8 níbùú pọ̀ di ojú kan ṣoṣo kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo ojú màmá wá di bíi ojú kéékèèké mẹ́wàá níbùú. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tú u padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán ló máa ń yà síbẹ̀, tàbí kó sọ pélé di ìhunjọ ara. Kì í ṣe àìgbọràn. Ohun tí yóò fi rántí ilà náà ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan ń lo ìbòjú, ìyẹn àwòrán tó funfun níbi aṣọ, tó sì dúdú níbi tí a kò fẹ́ kí ẹ̀rọ dé. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Odidi fọ́tò ṣì ni irú ẹ̀rọ yìí máa ń pa pọ̀ tó sì máa ń tú, nítorí náà ibi dúdú pàápàá lè yí díẹ̀. Ìgbésẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fò ni èyí tó kẹ́yìn: kí a mú aṣọ nìkan nínú fọ́tò tuntun, kí a sì mú gbogbo ìyókù nínú ti àtijọ́.

```python
tuntun = tuntun.resize(atijo.size)
esi = Image.composite(tuntun, atijo, iboju)
esi.save("esi.png")
```

Ìbòjú gbọ́dọ̀ bá fọ́tò àtijọ́ dọ́gba. PNG ni kí ẹ fi pa á mọ́, nítorí JPEG máa ń yí píkísẹ́lì padà níbi gbogbo.

Ní ti aṣọ fúnra rẹ̀, bí ẹ bá kọ "ańkárá pupa" lásán, òdòdó ti ẹnìkan kò ní jọ ti ẹnìkejì. Ẹ gé ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi fọ́tò aṣọ gan-an han ẹ̀rọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìkúùkù wọn òdòdó. Bí òdòdó kan bá tó ìkúùkù lórí aṣọ gidi, ó gbọ́dọ̀ tó ìkúùkù ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú fọ́tò.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni etí gèlè. Bí ìbòjú bá yọ́ wọ iwájú orí, ẹ̀rọ yóò tún ìpéǹpéjú yà, a ó sì fi ọwọ́ ara wa gbé e sínú èsì. Ẹ jẹ́ kí funfun parí sórí gèlè, kó má kan awọ ara. Gèlè tuntun náà gbọ́dọ̀ bo gbogbo ibi tí ti àtijọ́ dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí rẹ̀ yóò yọ síta.

Àwọn kan ní kò sẹ́ni tó máa rí ìyàtọ̀ lórí fóònù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ tí kò bá màmá láyé, fọ́tò yìí ni yóò fi mọ̀ pé ó kọ pélé. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ gbé fọ́tò méjèèjì lé ara wọn nínú GIMP, kí ẹ yan `Difference`. Aṣọ yóò tàn yòò. Gbogbo ojú gbọ́dọ̀ dúdú kirikiri. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnìkan bá ń tàn fírífírí, iṣẹ́ kò tíì parí.